Nọ́ńbà Tó Tú Àṣírí Ìjábọ̀ Wa

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni èmi àti ẹnì kejì mi ní láàbù kọ ìjábọ̀ kan tí ó dùn mọ́ wa nínú gan-an. Ọ̀nà mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà lè gbà to nọ́ńbà láti orí kékeré dé orí ńlá ni wọ́n ní kí a fi wéra. Wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní bọ́búlù sọ́ọ̀tì, èkejì ní mọ́ọ̀jì sọ́ọ̀tì, ẹ̀kẹta ní kúíìkì sọ́ọ̀tì. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 512 tí a ti dà rú, tí ẹyọ kan kò jọ èkejì, a ó sì ka iye ìgbà tó fi nọ́ńbà méjì wéra kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí.

A kà á. Ìfiwéra tí bọ́búlù ṣe lé díẹ̀ ní 130,000. Mọ́ọ̀jì ṣe 2,304. Kúíìkì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ayára, ṣe 130,816, ó tún fi ju bọ́búlù tí gbogbo ìwé ń pè ní aláìyára lọ. Inú wa dùn pé a ti rí ohun tí àwọn ìwé kò rí. A kọ ọ́ sí ìparí ìjábọ̀ pé kúíìkì ni ó burú jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí olùkọ́ wa dá ìwé padà, wọn kò fa ìlà pupa sórí gbólóhùn ìparí yẹn. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n yí òdo ká: 2,304 àti 130,816.

“Ẹ fi 511 sọ 512 di púpọ̀, kí ẹ pín in sí méjì,” ni wọ́n wí.

Mo ṣe é lórí fóònù mi. Ó fún mi ní 130,816, kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín.

“Ṣé ẹ rí i? Ìlà tí a dà rú kì í bí irú ọmọ báyìí. Ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ gbé fún kúíìkì yẹn.”

Ó gbà wá ní odidi ọ̀sán kan kí ọ̀rọ̀ wọn tó yé wa. Ohun tó sì là wá lójú kì í ṣe kọ̀ǹpútà, bí kò ṣe ìwé pélébé mẹ́jọ tí a gé, tí a kọ máàkì ìdánwò sí, tí a tẹ́ sórí tábìlì. Bí a ṣe tẹ́ wọn nìyí: 52, 17, 68, 35, 41, 80, 23, 60. Ẹni tó bá fẹ́ lè gé tirẹ̀, kí ó máa bá mi bọ̀.

Bọ́búlù ni a fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọwọ́ òsì ni yóò ti gbéra, yóò fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé èyí tó fara tì í. Bí ti òsì bá tóbi ju ti ọ̀tún lọ, wọn a pààrọ̀ àyè. 52 àti 17 pààrọ̀. 52 àti 68 kò ní ìjà. 68 àti 35 pààrọ̀, 68 àti 41 pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí ó fi dé òpin. Ìgbà méje ni a fi wéra nínú ìrìn àkọ́kọ́ yìí, nígbà tí ó sì parí, 80 ti dé ìdí ìlà, níbi tí yóò wà títí láé. Bí ìhó ọṣẹ ṣe ń léfòó sókè omi ni èyí tó tóbi jù ṣe ń léfòó lọ sí òpin, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ìrìn kejì yóò fi wéra ní ìgbà mẹ́fà, ìkẹta ní ìgbà márùn-ún, nítorí pé àwọn tó ti jókòó sí àyè wọn kò tún nílò àbẹ̀wò.

Àmọ́ ẹ máa wo 23. Ipò keje ni ó wà níbẹ̀rẹ̀, ipò kejì sì ni ilé rẹ̀. Àwọn ńláńlá ń sáré lọ sí ọ̀tún nínú ìrìn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n 23 tí ó ń lọ sí òsì kò lè sún ju ìṣísẹ̀ kan lọ nínú ìrìn kan. Ìrìn márùn-ún gbáko ni a rìn nítorí tirẹ̀. Ìrìn kẹfà ni a kò ti rí ẹni tí yóò pààrọ̀ àyè, ni a bá dáwọ́ dúró. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìfiwéra 27 ni, pàṣípààrọ̀ 12. Nọ́ńbà kékeré kan tó bá wà nídìí ìlà tó láti sọ bọ́búlù di ìjàpá.

Mọ́ọ̀jì kì í bá ìlà gígùn jà. Yóò gé e sí méjì, yóò tún gé ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, títí tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yóò fi dá wà lọ́tọ̀, nítorí ẹyọ kan kò nílò títò. Ìgbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n pọ̀ padà. Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ méjì tí wọ́n kó ìwé ìdánwò wá, tí oníkálukú ti to òkìtì tirẹ̀ kí máàkì tó kéré jù wà lókè. Ẹni tó fẹ́ sọ òkìtì méjèèjì di ọ̀kan kò ní láti tú wọn yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Ìwé tó wà lókè níhìn-ín àti èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún nìkan ni yóò fi wéra, èyí tó kéré ni yóò mú, yóò sì tún wo òkè méjèèjì. Bí òkìtì kan bá tán, yóò kàn gbé ìyókù èkejì lé e láìwò ó mọ́.

Lórí tábìlì wa, a so wọ́n ní méjì méjì, ìfiwéra mẹ́rin: 17 52, 35 68, 41 80, 23 60. A da méjì pọ̀ mọ́ méjì, ìfiwéra mẹ́ta mẹ́ta, ó di 17 35 52 68 ní apá kan, 23 41 60 80 ní apá kejì. Ìdàpọ̀ ìkẹyìn gba ìfiwéra méje. Mẹ́rin, mẹ́fà àti méje, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.

Ti kúíìkì yàtọ̀. Yóò yan nọ́ńbà kan gẹ́gẹ́ bí òpó, yóò sì fi gbogbo àwọn tó kù wé e. Àwọn tó kéré jù ú yóò lọ sí òsì rẹ̀, àwọn tó tóbi yóò lọ sí ọ̀tún. Kò bìkítà bóyá àwọn tó wà lápá kan náà tò tàbí wọn kò tò. Lẹ́yìn náà ni yóò dojú kọ apá òsì nìkan, yóò yan òpó níbẹ̀, yóò tún ṣe bákan náà fún apá ọ̀tún. Nínú kóòdù tí wọ́n kọ́ wa, èyí tó wà ní ìkẹyìn ni a ń mú ṣe òpó. 60 ni òpó wa àkọ́kọ́. Ìfiwéra méje gbé 52, 17, 35, 41 àti 23 sí òsì, ó gbé 68 àti 80 sí ọ̀tún, 60 sì bọ́ sí ipò kẹfà, ilé rẹ̀ gan-an. Ìfiwéra kan ni apá ọ̀tún gbà. Ní apá òsì, 23 di òpó, ìfiwéra mẹ́rin. 17 lọ sí òsì rẹ̀, àwọn mẹ́ta lọ sí ọ̀tún. Àwọn mẹ́ta yẹn gba ìfiwéra méjì, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15.

Títí dé ibí yìí, kúíìkì ni ó ń borí: 15, 17, 27. Ni ẹnì kejì mi bá ní kí a má tíì kó ìwé pélébé náà kúrò nílẹ̀. Wọ́n ti tò báyìí, 17, 23, 35, 41, 52, 60, 68, 80. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún wọn tò?

Bọ́búlù rin ìrìn kan ṣoṣo, ó fi wéra ní ìgbà méje, kò rí ohun tí yóò pààrọ̀, ó dúró. Mọ́ọ̀jì kò mọ̀ pé ìlà ti tò, ó ṣì gé e, ó sì dà á pọ̀, àmọ́ nínú ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan, òkìtì òsì ń tán pátápátá kí a tó kan ti ọ̀tún, nítorí náà ìdajì péré ni ó ń fi wéra. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin: 12. Kúíìkì mú 80 ṣe òpó. Ta ni ó tóbi ju 80 lọ? Kò sí ẹnì kankan. Gbogbo àwọn méje tó kù kó jọ sí òsì, ọ̀tún ṣófo, ìfiwéra méje sì ti lọ láìjẹ́ pé ó pín ohunkóhun. Ó mú 68 ṣe òpó, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, ìfiwéra mẹ́fà. Lẹ́yìn náà márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Gbogbo agbára kúíìkì wà nínú pé òpó ń pín ìlà sí méjì. Nígbà tí òpó bá jẹ́ ẹni tó tóbi jù tàbí ẹni tó kéré jù nígbà gbogbo, kò sí pípín mọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28, tí í ṣe ìdajì 8 lọ́nà 7.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa ti là sí wa lójú. 130,816 jẹ́ ìdajì 512 lọ́nà 511. Iye tí kúíìkì ń fún ìlà tó ti tò ni, tàbí ìlà tó tò sẹ́yìn láti ńlá dé kékeré, nítorí níbẹ̀ náà òpó ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. A wo 2,304 ti mọ́ọ̀jì: 256 lọ́nà 9 ni, bí 12 ṣe jẹ́ 4 lọ́nà 3. Iye tó kéré jù tí mọ́ọ̀jì lè ṣe lórí nọ́ńbà 512 nìyẹn. Ìlà tí a dà rú kì í bọ́ sí orí ààlà gẹ́lẹ́ báyìí. Àwọn méjèèjì ń jẹ́rìí sí ohun kan náà: ìlà tó dé ọwọ́ wọn ti tò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ta ló tò ó?

Bọ́búlù ni. Ẹ wo bí a ṣe kọ ọ́ ní Páítọ́ọ̀nù:

```
bubble_sort(a)
merge_sort(a)
quick_sort(a)
```

Bọ́búlù ń to ìlà ní ojú ibi tó wà. Nígbà tó ṣe tán, `a` kì í ṣe ìlà rúdurùdu mọ́, ìlà tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn ni a sì gbé fún àwọn méjì tó kù. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé mo ti ronú nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti kọ `b = a` níbì kan, mo rò pé mo ti ṣe ẹ̀dà. Kì í ṣe ẹ̀dà. Ọmọ kan ṣoṣo ni a sọ ní orúkọ méjì. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Àjàní nílé tí ilé ìwé ń pè ní orúkọ mìíràn, bí ó bá gé irun rẹ̀ nílé, orí rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ nílé ìwé náà. Ohun tó ń ṣe ẹ̀dà tòótọ́ nìyí:

```
bubble_sort(list(a))
merge_sort(list(a))
quick_sort(list(a))
```

A tún un ṣe. Iye bọ́búlù kò yí padà. Ti mọ́ọ̀jì gòkè sún mọ́ 4,000. Lórí nọ́ńbà 512, kò lè kọjá 4,097 bó ti wù kí ìlà rú tó. Ti kúíìkì já wálẹ̀ láti 130,816 sí bíi 5,000. Bí a bá gbé oríṣiríṣi ìlà rúdurùdu fún un, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4,946.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ka nọ́ńbà yìí dúró díẹ̀ níbí. Lórí ìwé pélébé mẹ́jọ, kúíìkì ṣe 15, mọ́ọ̀jì ṣe 17. Lórí 512, mọ́ọ̀jì ló ń fi wéra níwọ̀nba jù. Mẹ́jọ kéré jù láti fi dájọ́. Ó wúlò láti fi mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe láti fi mọ ẹni tó borí. Bí a bá sì gbé aago kalẹ̀ dípò kíka ìfiwéra, kúíìkì lè tún padà ṣáájú, nítorí pé inú ìlà kan náà ni ó ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí mọ́ọ̀jì nílò àyè mìíràn tó gùn tó ìlà náà láti tẹ́ ohun tó ń dà pọ̀ sí. Kíkó lọ kíkó bọ̀ yẹn ń gba àkókò tí ìfiwéra kò fi hàn. Aago fúnra rẹ̀ kì í sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì: bí ẹlòmíràn bá ṣí fídíò lórí kọ̀ǹpútà yẹn, àkókò yí padà. Iye ìfiwéra lórí ìlà kan náà kì í yí padà nínú kóòdù tí kò ní kádàrà nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ìjábọ̀ gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ sínú òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì kọ ohun tí a kà sí orí tábìlì gbangba.

Olùkọ́ wa kò tíì tú wa sílẹ̀. Wọ́n ní kí a wá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìlà tó ti tò fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lákọ̀ọ́kọ́ nọ́ńbà 512, lẹ́yìn náà 1,024. Lórí 512, bọ́búlù ṣe 511 péré, òun ló gba ipò kìíní. Lórí 1,024, bọ́búlù ṣe 1,023, mọ́ọ̀jì ṣe 5,120, kúíìkì sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí ojú kọ̀ǹpútà gbé jáde nìyí:

```
RecursionError: maximum recursion depth exceeded
```

Kúíìkì ń pe ara rẹ̀ láti to apá kọ̀ọ̀kan, ìpè kọ̀ọ̀kan sì ń dúró kí èyí tó wà nínú rẹ̀ parí. Lórí ìlà rúdurùdu 1,024, ìpè tó wọnú ara wọn kì í sábà ju 20 sí 30 lọ. Lórí èyí tó ti tò, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìpè kọ̀ọ̀kan ń yọ kúrò, nítorí náà ìpè tó lé ní 1,000 ni yóò tò léra wọn, 1,000 sì ni Páítọ́ọ̀nù ń gbà láyè bí ènìyàn kò bá yí i padà. Àwọn kan nínú kíláàsì wa lọ gbé ààlà náà sókè, àṣìṣe náà pòórá lójú wọn. Àìsàn náà kò lọ o. Ìfiwéra 523,776 ṣì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Ibi tí ìwòsàn wà ni yíyan òpó, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Tony Hoare, ará Bìrìtéènì, ló dá kúíìkì sílẹ̀ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìjọba Mọ́síkò ní 1959 sí 1960. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fífi kọ̀ǹpútà túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà, ó sì fẹ́ to àwọn ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kí ó lè rọrùn láti wá wọn nínú ìwé atúmọ̀. Nínú kóòdù tó tẹ̀ jáde ní 1961, kò mú èyí tó wà ní ìkẹyìn. Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ gègé yan òpó. Mímú ti ìkẹyìn tí wọ́n fi kọ́ wa jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn láti kọ sí pátákó, kì í ṣe bí ẹni tó ni ín ṣe ṣe é. Ìlà méjì péré ni a fi kún kóòdù wa kí ó tó pín:

```
k = random.randint(lo, hi)
a[k], a[hi] = a[hi], a[k]
```

Ìlà tó ti tò kò ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Lórí nọ́ńbà 512 tó ti tò, iye ìfiwéra padà sí àyíká 4,946, àmọ́ ó ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un ṣe, nítorí gègé kì í bọ́ sójú kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ iye kan ṣoṣo fún irú kúíìkì yìí kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ìgbà mẹ́wàá ni a ṣe é, a sì kọ èyí tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù àti ìpíndọ́gba.

A rò pé a ti ṣe tán. Olùkọ́ wa wá gbé ìlà kẹrin kalẹ̀: nọ́ńbà 512, gbogbo wọn pátá jẹ́ 50. Wọ́n ní ẹni tó bá ti to máàkì ìdánwò rí mọ̀ pé máàkì kan náà lè wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bọ́búlù ṣe 511. Mọ́ọ̀jì ṣe 2,304. Kúíìkì, pẹ̀lú gègé rẹ̀ lọ́wọ́, tún fún wa ní 130,816.

A ti mọ nọ́ńbà yẹn dáadáa, nítorí náà a kò tún fi àkókò ṣòfò láti máa bi ara wa bóyá ìlà ti tò. Òpó ló tún wà ní ẹ̀gbẹ́. Kóòdù wa ń bi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bóyá ó kéré ju òpó lọ. 50 kò kéré ju 50 lọ, gbogbo wọn sì lọ sí apá kan náà, gègé yòówù tí a ṣẹ́. Ohun tó sọnù nínú rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà kẹta: àwọn tó kéré sí òsì, àwọn tó tóbi sí ọ̀tún, àwọn tó bá òpó dọ́gba sí àárín, kí a má sì tún padà sí àárín mọ́. Nígbà tí a fi ẹnu ọ̀nà náà kún un, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè méjì, bóyá ó kéré àti bóyá ó tóbi, lẹ́yìn náà kò sí ohun tó kù ní òsì tàbí ní ọ̀tún láti tò. Ìfiwéra 1,022 ni. A kọ ọ́ sí abẹ́ 130,816 nínú tábìlì, a sì so kóòdù méjèèjì mọ́ ìdí ìjábọ̀ náà kí a tó dá a padà.